Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ìdúpẹ́ ṣe ń di lẹ́tà sí ẹni tó tọ́ni sọ́nà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Káńsù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ẹ̀pẹ́, ní ẹ̀ka tó ń gba owó ọjà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi ga láti ipele 10 sí 12. Alhaja kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù ló tọ́ mi sọ́nà, mo sì ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo wá fẹ́ kọ lẹ́tà gidi sí wọn, ní Yorùbá, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ràn láti máa kà. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ márààrún ránṣẹ́ sí yín. Ṣé mo lè kàn tò wọ́n pọ̀, kí n tún wọn ṣe díẹ̀?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú oríire o, arábìnrin wa. Bí ẹ bá kàn tò wọ́n pọ̀, ìdúpẹ́ márùn-ún ni ẹ óò ní, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, síbẹ̀ ẹni tó bá kà á kò ní mọ ohun tí Alhaja ṣe fún yín gan-an. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń fẹ̀yìn ti ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ sọ ṣáájú. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó gbà á náà mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò sí ẹni tó ń ṣe wàhálà láti dárúkọ rẹ̀. Lẹ́tà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Alhaja lè fi í sínú fáìlì, kí wọ́n tún mú un jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí kí wọ́n fi han ọmọ wọn tí kò mọ̀ yín rí, ó sì yẹ kí ó yé onítọ̀hún láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yín ni láti wá ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀ láìsọ.

Mo kọ wọ́n síbí bí ẹ ṣe fi wọ́n ránṣẹ́, àfi àwọn àwòrán ojú tó ń sunkún àti ọwọ́ àdúrà tí mo yọ kúrò.

Oṣù Kejì: "Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti tún un kọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á bù kún yín mà."

Oṣù Karùn-ún: "Mà, ẹ ṣé fún àná o. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi."

Oṣù Karùn-ún kan náà: "Ẹ má bínú mà pé mo pè yín lóru. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ọkàn mi ti balẹ̀."

Ọjọ́ kejì rẹ̀: "Alhaja mi! Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí lọ́jọ́sí gan-an ni wọ́n bi mí! Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé mà!"

Oṣù Kẹjọ: "Ó ti jáde mà! Lẹ́fẹ̀lì 12! Ẹ̀yin lẹ ṣe é mà, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ o."

Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tó ń nàka sí ohun tí kò sí lójú ìwé: "un" tí ẹ tún kọ, "bẹ́ẹ̀" tí ẹ kọ ọ́, "àná", "ọ̀rọ̀ yẹn", "lọ́jọ́sí", "ó" tó ti jáde. Ẹ fa ìlà sábẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun gidi tó dúró fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Àná" àti "lọ́jọ́sí" kò ṣòro, nítorí déètì wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù yín. Èyí tó ń gba àròjinlẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀" àti "ọ̀rọ̀ yẹn", ìdí sì nìyẹn tí mo fi bi yín léèrè lórí fóònù kí n tó jókòó kọ èyí.

Ohun tí ẹ sọ fún mi dára ju gbogbo ohun tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà lọ. Ní oṣù Kejì, ẹ mú fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ ọdọọdún yín lọ fún Alhaja láti bá yín wò. Ní àyè tí wọ́n ní kí ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe láàárín ọdún sí, ẹ kọ pé, "Mo ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi." Alhaja dá a padà, wọ́n ní kí ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ìgbà náà ni ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin ni ẹ to ẹ̀dà rìsíìtì owó ìsọ̀ ọjà ẹja Olúwo ní ìlà-ìlà, tó fi jẹ́ pé yíyẹ owó ọ̀sẹ̀ kan wò kò gba àkókò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òun ni "bẹ́ẹ̀".

"Ọ̀rọ̀ yẹn" ńkọ́? Ní pálọ̀ Alhaja, wọ́n ṣe bí ìgbìmọ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò fún ìgbéga, wọ́n bi yín pé kí ni ẹ óò kọ́kọ́ ṣe bí owó tí ẹ gbà lọ́jà kò bá bá ẹ̀dà rìsíìtì mu. Kíá ni ẹ ti dárúkọ ẹni tí ẹ óò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn kúrò, wọ́n ní, "Má dárúkọ ènìyàn kí o tó dárúkọ iye." Wọ́n wá ṣàlàyé pé ẹ óò kọ́kọ́ ka owó náà lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹlẹ́rìí, ẹ óò kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe é tó lè wáyé. Gbólóhùn kan yìí tó láti gbé lẹ́tà yín dúró. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láìfi ohunkóhun kún un, nítorí ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ nínú lẹ́tà ẹlòmíràn yóò mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ti ní àwọn ohun gidi wọ̀nyí lọ́wọ́, ẹ má tò wọ́n bí wọ́n ṣe wọlé sórí fóònù. Oore ni kí ẹ fi tò wọ́n. Àtẹ̀jíṣẹ́ kejì àti ìkẹrin jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí ọ̀kan dúpẹ́ fún ẹ̀kọ́ náà, èkejì sì sọ ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti wúlò. Ìpínrọ̀ kan ni kí àwọn méjèèjì jọ wà. Ti fọ́ọ̀mù yóò dá dúró ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ karùn-ún, tó kẹ́yìn, ni yóò wá ṣáájú, nítorí ìgbéga náà ló fa lẹ́tà. Ti ìpè òru kò ju gbólóhùn kan lọ. Ẹ ti sọ fún mi pé ohun tó lé oorun lójú yín lóru ọjọ́ náà ni àhesọ pé àyè tó ṣí sílẹ̀ kò tó nǹkan, àti pé àwọn kan ti ní orúkọ níbẹ̀. Kò sí ìkankan nínú èyí tó gbọ́dọ̀ wọ inú lẹ́tà. Oore tí Alhaja ṣe ni pé wọ́n dìde lójú oorun dá yín lóhùn. Ohun tí ẹ jọ sọ jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra gidigidi. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é" dùn lẹ́nu, kò sì sí ọmọlúàbí tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Alhaja mọ̀ pé ìdúpẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di orí ìwé, tí déètì àti ìbuwọ́lùwé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ yín lè kà á pé Alhaja ló bá yín wá ipò náà lọ́dọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀. Èyí tó tún léwu jù ú lọ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kẹrin. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìbéèrè tí wọ́n bi yín nílé gan-an ni ìgbìmọ̀ bi yín, ohun tí àjèjì máa kà níbẹ̀ ni pé ìbéèrè ti jò síta kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó pé. Bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ka owó mọ̀ pé ìbéèrè nípa owó tí kò bá rìsíìtì mu kò lè ṣàì wáyé. Alhaja ti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú orúkọ rere, lẹ́tà ìdúpẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ba orúkọ náà jẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ yín ni ẹ fi dáhùn nígbà tí ọ̀rọ̀ owó dé. Òótọ́ ni, kò sì dín oore wọn kù. Kódà ó gbé e ga, nítorí ó sọ pé ọgbọ́n ni wọ́n fún yín.

Àdúrà náà nílò ìtọ́jú. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, àdúrà ló máa ń parí ọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Nínú lẹ́tà, bí ẹ bá fi àdúrà sí òpin ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò bo ìdúpẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀, òǹkàwé yóò sì máa fo wọ́n kọjá. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ìpínrọ̀ ìkẹyìn, kí ó bá ìgbésí ayé Alhaja mu. "Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ" jẹ́ àdúrà tó wúwo, ó sì bá ayẹyẹ ìdílé mu ju lẹ́tà nípa iṣẹ́ lọ. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì yóò mọyì àdúrà ìlera àti ti jíjẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tí wọ́n ń kojú lórí owó ìfẹ̀yìntì.

Nípa òwe, mo mọ èyí tí ọwọ́ yín ti ń nà sí: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òun ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìdúpẹ́ tí wọ́n ti mú wá fún mi láti yẹ̀ wò. Èmi kì í fi síbẹ̀. Ọmọdé tó bá pa òwe níwájú àgbà gbọ́dọ̀ fi "tótó ó ṣe bí òwe" tì í lẹ́yìn, ìyẹn nìkan sì ti gba àyè tí ẹ̀ bá fi sọ ohun tí Alhaja ṣe.

Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà yóò yí padà díẹ̀. "Tẹ́ ẹ" yóò di "tí ẹ", "ẹ ò" yóò di "ẹ kò", "lẹ́fẹ̀lì" yóò di "ipele". "Mà" tó wà nínú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yóò kúrò pátápátá, nítorí "ẹ" àti "yín" ti gbé ọ̀wọ̀ náà. Ẹ rí i pé "ẹ" kò di "o" níbikíbi, àfi nínú gbólóhùn tí Alhaja fúnra wọn sọ fún yín.

Ní ti ìlànà, lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé: àdírẹ́sì yín àti déètì lápá ọ̀tún lókè, àdírẹ́sì Alhaja lápá òsì, ìkíni, àkọlé, ara lẹ́tà, lẹ́yìn náà ìparí, ìbuwọ́lùwé àti orúkọ ní kíkún. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti yà kúrò nínú rẹ̀ ni ìkíni. "Mà" lásán, bí a ti ń kọ ọ́ sí ọ́fíìsì, tutù jù fún ẹni tó dìde lóru nítorí yín, "Ìyá mi ọ̀wọ́n" sì jẹ́ ti lẹ́tà gbẹ̀fẹ́. "Alhaja tí mo bọ̀wọ̀ fún" wà láàárín méjèèjì, ó sì bá yín mu. Kí ẹ tó kọ déètì ìgbéga sílẹ̀, ẹ wo lẹ́tà ìgbéga fúnra rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìgbéga ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ sábà máa ń yàtọ̀ síra. Ẹ kò nílò àlàyé kankan lórí pé ẹ ti 10 bọ́ sí 12. Alhaja mọ̀ pé kò sí ipele 11 nínú iṣẹ́ ìjọba.

Lẹ́tà náà rèé bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ láti inú ohun tí ẹ sọ fún mi. Mo fi àdírẹ́sì àti orúkọ sílẹ̀ fún yín.

Ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ, 2025

Alhaja tí mo bọ̀wọ̀ fún,

LẸ́TÀ ÌDÚPẸ́ LÓRÍ ÌGBÉGA MI SÍ IPELE 12

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi tó yín létí pé ìgbéga mi láti ipele 10 sí ipele 12 ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní ọdún yìí. Mo sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ohun tí ẹ kọ́ mi kí ó tó dé.

Ní oṣù Kejì, mo mú fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n mi wá fún yín láti wò. Gbólóhùn kan péré ni mo kọ sí àyè iṣẹ́ tí mo ṣe. Ẹ dá a padà fún mi, ẹ sì ní kí n kọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe àti ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ìgbà tí mo tún un kọ ni èmi fúnra mi tó rí i pé títò tí mo to ẹ̀dà rìsíìtì ọjà Olúwo ti mú kí yíyẹ owó wò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ iṣẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí.

Ní oṣù Karùn-ún, ẹ pè mí sí ilé yín, ẹ sì fi ìbéèrè dán mi wò. Nígbà tí mo yára dárúkọ ẹni tí n óò fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ẹ wí fún mi pé, "Má dárúkọ ènìyàn kí o tó dárúkọ iye." Nígbà tí mo dé iwájú ìgbìmọ̀, tí ọ̀rọ̀ sì kan bíbójú tó owó, ẹ̀kọ́ náà ni mo fi dáhùn. Mo dúpẹ́ pẹ̀lú fún òru tí ó ṣáájú ọjọ́ náà, tí ẹ dìde lójú oorun láti dá mi lóhùn.

Òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ ti wà lábẹ́ mi báyìí ní ẹ̀ka wa. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wo fọ́ọ̀mù wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe bá mi wo tèmi.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera, kí ẹ jẹ èrè iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ẹ ṣe, kí àwọn ọmọ yín sì rí olùtọ́sọ́nà bíi tiyín ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ẹ rí i pé ìpínrọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ méjì náà kò sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Ẹ kàn mẹ́nu bà á lórí fóònù ni, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì. Lójú tèmi, òun ni ìdúpẹ́ tó jinlẹ̀ jù nínú lẹ́tà náà, nítorí ó fi han Alhaja pé ohun tí wọ́n ṣe kò dúró sọ́dọ̀ yín. Bí kò bá jẹ́ òótọ́ ni, ǹ bá ní kí ẹ má kọ ọ́. Ìlérí ohun tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín tún un kọ, ẹ kà á sókè ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ẹ lè fi gbólóhùn náà ránṣẹ́ sí olóore mìíràn láìyí ohunkóhun padà. Àfi ìlà tó sọ ìdí lẹ́tà, èyí tó bá lè bá ẹlòmíràn mu kò tíì sọ nǹkan nípa Alhaja. Ẹ yọ ọ́, tàbí kí ẹ fi ohun gidi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, tí kò sí ní káńsù, láti kà á. Bí ó bá béèrè pé "kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ tún kọ?", ọ̀rọ̀ tó ń nàka kan ṣì kù tí ẹ kò tíì tú. Bí ó bá ní, "Ṣé Alhaja yìí ló bá yín gba ipò náà ni?", ẹ padà sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa "ẹ̀yin lẹ ṣe é". Kí gbogbo rẹ̀ má kọjá ojú ìwé kan.

Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, ẹ má sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó mọ́, ẹ fi kálàmù buwọ́ lù ú, ẹ fi sínú àpòòwé tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún wọn fúnra yín, lẹ́yìn ìrun Àsárì tí ara ti máa ń tù wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ mú ẹ̀bùn dání, ẹ mú ohun jíjẹ tàbí aṣọ, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má fi owó sínú àpòòwé lẹ́tà náà, bó ti wù kó kéré mọ, nítorí lẹ́tà tó sọ̀rọ̀ ìgbéga, tí owó sì bọ́ láti inú rẹ̀, kò jìnnà sí ohun tí mo ti ń kìlọ̀ fún yín láti òkè. Bí ẹ bá sì dé ilé, tí ó wù yín láti tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ ti dé ilé láyọ̀.